Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí A Ṣe Ń Ti Igun Púpọ̀ Yẹ Ìtàn Ìtẹ̀dó Òṣogbo Wò

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí àlejò bá bi wá léèrè pé ìgbà wo ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ tẹ̀dó sí etí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àti pé níbo ni wọ́n ti wá, a óò dá a lóhùn kíákíá. Ṣùgbọ́n bí ó bá tún bi wá pé báwo ni a ṣe mọ̀, ǹjẹ́ a ní èsì tí ó ju pé bàbá wa ni ó sọ fún wa?

Kò sí ẹ̀gàn nínú kí bàbá ẹni sọ fún ni. Bí kò bá sí ẹnu àwọn bàbá, kò ní sí ohun tí a óò máa wádìí rárá. Síbẹ̀, ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Òun ni ó máa ń wà ní ìdí ẹjọ́ ilẹ̀. Òun náà ni ó máa ń wà ní ìdí awuyewuye lórí oyè, lórí ẹni tí yóò ṣáájú àti ẹni tí yóò tẹ̀lé. Ìtàn sì so Òṣogbo mọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà débi pé ohun tí a bá sọ nípa ọ̀kan yóò kan èkejì. Àwọn àgbà ti sọ pé ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Mo fẹ́ fi hàn bí a ṣe lè gbọ́ ju ẹjọ́ ẹnìkan lọ nínú ọ̀rọ̀ ìtàn, àti ìdí tí ẹni mẹ́ta fi lè sọ̀rọ̀ kí ó sì jẹ́ pé ẹjọ́ ẹnìkan náà ni a gbọ́.

Àwọn tí ń wọn ilẹ̀ ni ó ni ọgbọ́n yìí. Ẹ jẹ́ kí a ro ó pé awọnlẹ̀ kan dúró sí etí odò Ọ̀ṣun, ó sì fẹ́ mọ bí igi ìrókò kan tí ó wà ní òdìkejì ti jìnnà tó, láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Bí ó bá dúró sí ojú kan, yóò mọ apá ibi tí igi náà wà, ṣùgbọ́n kò lè mọ bí ó ti jìnnà tó. Yóò wá rìn lọ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, bóyá ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, yóò sì tún wo igi náà láti ibẹ̀. Ojú ìlà méjèèjì yóò pàdé ara wọn níbi tí igi wà, yóò sì lè ṣírò ọ̀nà tí ó wà láàrin wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: bí ó bá jẹ́ ìṣísẹ̀ kan péré ni ó rìn, ojú ìlà méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, àṣìṣe kékeré nínú wíwò rẹ̀ yóò sì di àṣìṣe ńlá nínú ìṣirò rẹ̀. Bí ọ̀nà tí ó wà láàrin ibi ìdúró méjèèjì ṣe tó ni ó ń fún ẹ̀rí náà lágbára.

Àwọn onímọ̀ ìwà àwùjọ yá ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ awọnlẹ̀. Ní ọdún 1970, Norman Denzin, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, to oríṣi rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé tí ó kọ lórí ìwádìí. Ó ní a lè yí orísun tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ padà, a lè yí ọ̀nà tí a fi ń wádìí padà, a sì lè yí ẹni tí ń wádìí padà. Ó tún sọ ti èrò tí a fi ń túmọ̀ ohun tí a rí, ṣùgbọ́n mo fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tó wa í gbé ka iná. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìtàn náà gan-an. Èyí tí gbogbo wa gbọ́ ni pé Laróòyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpólé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí àìsí omi. Olútìmẹ́hìn ọdẹ wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì dé etí odò Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n ń ṣán igbó, igi kan wó sínú odò, ohùn kan sì jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bá òrìṣà dá májẹ̀mú. Nígbà tó yá wọ́n ṣí kúrò nínú igbó náà lọ sí òkè, títí ìlú fi dé ibi tí ó wà lónìí.

Ìtàn kan ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu kan ni ó ń sọ ọ́. Bí a bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ààfin, Laróòyè ni ó máa ń gba iwájú nínú rẹ̀. Bí àwọn ọdẹ bá ń sọ ọ́, a óò gbọ́ ti Olútìmẹ́hìn jù. Bí àwọn ọlọ́ṣun bá sọ ọ́, òrìṣà ni ó ni ilẹ̀, àlejò ni ọba àti ọdẹ níbẹ̀. Bí ará Ìjẹ̀ṣà bá sọ ọ́, Ìpólé ni orírun. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò purọ́. Olúkúlùkù ń sọ̀rọ̀ láti ibi tí ó dúró sí ni, bí awọnlẹ̀ tí ó wo igi láti etí odò. Iṣẹ́ olùwádìí ni láti kọ ti olúkúlùkù sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìpò wọ́n pọ̀ di ìtàn kan tí ó dán, nítorí pé bí ó bá ti pò wọ́n pọ̀, kò ní mọ ohun tí wọ́n fohùnṣọ̀kan lé lórí àti ohun tí wọ́n yà sí mọ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a máa wá jù nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ tí kò ṣe é ní àǹfààní kankan. Bí agbo ilé tí ń du ipò àkọ́tẹ̀dó bá gbà pé àwọn bá ẹnìkan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wúwo ju ìgbà tí alátakò wọn bá sọ ọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí àwọn tí wọ́n jọ ń jà sí nǹkan bá fi ẹnu kò lórí ohun kan láàrin ìjà náà. Nínú gbogbo ìtàn tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tí ó sọ pé ibi tí ìlú wà lónìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n tọ́ka sí inú igbó Ọ̀ṣun. A óò padà sí èyí láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ó ti da ìwádìí púpọ̀ rú. Ká sọ pé ọ̀dọ́ kan lọ bi àgbà mẹ́ta ní agbo ilé mẹ́ta, gbogbo wọn sì fún un ní ọdún kan náà, tí orúkọ àwọn ọba sì tẹ̀lé ara wọn bákan náà lẹ́nu wọn. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ẹ̀rí mẹ́ta ni òun rí. Ó yẹ kí ó fura. Àwọn baba ńlá wa kì í ka ọdún bí àwọn òyìnbó ti ń kà á. Ta ni ó wá kọ́ àgbà mẹ́ta ní ọdún kan náà? Bí ó bá túbọ̀ bèèrè, bóyá yóò gbọ́ pé ìwé kékeré kan ti jáde nígbà ọdún Ọ̀ṣun kan rí, tàbí pé wọ́n ka ìtàn náà lórí rédíò. Ẹ̀rí kan ni ó gbà láti ẹnu mẹ́ta. Ìṣísẹ̀ kan ni awọnlẹ̀ náà rìn.

Ìwé ńlá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ lórí ìtàn Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ì bá tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Láti ìgbà náà wá, àìmọye ènìyàn ni ó ti kà á tàbí tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó kà á, ohun tí ó wà nínú ìwé sì ti padà di ohun tí àgbà ń sọ. Bí a ṣe lè dá a mọ̀ ni pé kí a wá àṣìṣe. Bí ìtàn méjì bá jọ ní òtítọ́, ó lè jẹ́ pé òtítọ́ ni ó mú wọn jọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jọ ní àṣìṣe kan náà, tàbí tí wọ́n bá lo gbólóhùn kan náà tí kò bá èdè agbo ilé náà mu, a jẹ́ pé ọ̀kan ti mu nínú omi èkejì. Èmi fúnra mi máa ń fetí sí ẹ̀ka èdè. Ará Ìjẹ̀ṣà tí ó ń fi èdè Ìjẹ̀ṣà bá mi tàkúrọ̀sọ, tí ó wá ṣàdédé fi Yorùbá inú ìwé sọ ìtàn, ó ti jẹ́ kí n mọ ibi tí ó ti rí i.

Èyí ni ìdí tí yíyí orísun nìkan padà kò fi tó. A ní láti yí ọ̀nà ìwádìí padà pẹ̀lú, kí a lọ bá ẹlẹ́rìí tí kò lè ka ìwé, tí kò sì ní agbo ilé. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí náà.

Awalẹ̀pìtàn Akínwùmí Ògúndìran ti ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Ìlàrè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kí ó tó wá sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ó wa ilẹ̀, ó sì gbọ́ ìtàn ẹnu, ó fi ọ̀kan wo èkejì. Ohun tí ó kọ lórí igbó Ọ̀ṣun jáde ní 2014 nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn awalẹ̀pìtàn ilẹ̀ Áfíríkà. Ó fi hàn pé àwọn ènìyàn gbé inú igbó náà ní tòótọ́, pé ìlú kan ni ó wà níbẹ̀ láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, àti pé ìlú ààlà ni, irú èyí tí ó máa ń hù láàrin agbára ìlú ńlá kan àti òmíràn.

Báwo ni ilẹ̀ ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin, wọ́n á máa bó ilẹ̀ ní ìpele ní ìpele, bí ẹni ń bó àlùbọ́sà. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ débẹ̀, ohun tí ó wà lókè ni ó dé kẹ́yìn. Wọ́n á sẹ́ gbogbo erùpẹ̀ náà pẹ̀lú asẹ́, wọ́n á sì kó àpáàdì, ìlẹ̀kẹ̀, owó ẹyọ, egungun ẹran àti èédú jọ, ti ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Èédú ni wọ́n máa ń gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí ni ó ń gba èròjà kan tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù sínú, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Bí a bá gé igi, kò ní gba tuntun mọ́. Èyí tí ó ti wà nínú rẹ̀ yóò máa dínkù, ìdajì rẹ̀ yóò sì lọ láàrin nǹkan bí 5,730 ọdún. A lè wá wọn èyí tí ó kù, kí a sì ṣírò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó, pàápàá fún ìgbà tí à ń sọ yìí. Láti nǹkan bí 1650 wá sí ìsinsìnyí, ìwọ̀n irú kábọ́ọ̀nù yìí nínú afẹ́fẹ́ lọ sókè sódò débi pé èédú kan lè jẹ́ ti 1680, kí ó sì tún jẹ́ ti 1800, kí ẹ̀rọ máà lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí a bá fi àárín ìrókò tí ó ti gbé igba ọdún dáná, ọjọ́ orí igi ni ẹ̀rọ yóò sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí a dáná. Èédú nìkan, ẹjọ́ ẹnìkan náà ni.

Nítorí náà, wọ́n á wo ohun mìíràn nínú ìpele kan náà. Tábà kò sí ní ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá pẹ̀lú òwò àwọn òyìnbó orí omi. Nítorí náà, ìpele tí a bá ti rí ìkòkò tábà tí a fi amọ̀ mọ kò lè dàgbà ju ìgbà tí tábà dé lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàdo, tí òun náà wá láti Amẹ́ríkà. Àwọn ìyá wa amọ̀kòkò máa ń yí ṣùkù àgbàdo, èyí tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti gé àgbàdo kúrò lórí rẹ̀, lára ìkòkò tútù láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Àpáàdì tí ó ní ojú ṣùkù lára, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ pé àgbàdo ti dé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀rí yìí púpọ̀, nítorí pé ìyá tí ó mọ ìkòkò náà kò rò ó rárá pé òun ń kọ ọjọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó purọ́ nítorí oyè.

Ohun tí a rí nínú ilẹ̀ pẹ̀lú lè ṣìnà. Òkété a máa gbẹ́ ihò, a sì máa gbé ìlẹ̀kẹ̀ òkè sọ̀kalẹ̀ sí ìpele ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí ní ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ti da ìpele mẹ́ta pọ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi gba ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo gbọ́. A óò wò ó bóyá ó pọ̀ nínú ìpele náà, bóyá ihò mìíràn tí ó jìnnà díẹ̀ sọ ohun kan náà, bóyá àwọ̀ erùpẹ̀ yí padà yí i ká. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ pé àwọn ère ńlá tí àlejò ń rí nínú igbó Ọ̀ṣun lónìí kì í ṣe ẹ̀rí ayé Laróòyè. Iṣẹ́ Susanne Wenger ni wọ́n, ẹni tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bá a ṣe é, nínú ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Mo ti gbọ́ tí afinimọ̀nà kan ń sọ fún àwọn àlejò pé wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí àwọn àlejò náà bá kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò di ìwé, ìwé náà yóò sì padà wá di ẹ̀rí.

Kí ni ẹnu àti ilẹ̀ wá sọ papọ̀? Ẹnu sọ pé inú igbó ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ sì rí ìlú nínú igbó. Àwọn ibi ìdúró méjèèjì jìnnà sí ara wọn púpọ̀: ẹni tí ó mọ ìkòkò kò gbọ́ ìtàn ààfin òní, ẹni tí ń sọ ìtàn ní ààfin kò rí àpáàdì tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Níbi tí ojú ìlà wọn ti pàdé yìí, a lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbọingbọin. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mọ orúkọ Laróòyè. Kò sọ pé ọdẹ ni ó ṣáájú tàbí ọba. Ẹni tí ó bá sọ pé àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé Laróòyè ni ó tẹ ìlú dó ti sọ ju ohun tí ilẹ̀ sọ lọ. Ẹni tí ó bá sì sọ pé irọ́ ni ìtàn nítorí pé ilẹ̀ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ti bi ilẹ̀ ní ohun tí kò lè dáhùn. Ọ̀nà ìwádìí kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tí ó lè dáhùn.

Ó ku olùwádìí fúnra rẹ̀. Ní Iléṣà, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, J. D. Y. Peel, ṣe iṣẹ́ ńlá tí ó di ìwé ní 1983, lórí bí ìjọba Ìjẹ̀ṣà ṣe di ara Nàìjíríà. Ó lo ìwé ìjọba, ó bi àwọn ènìyàn léèrè, ó sì gbọ́ ìtàn àwọn olóyè. Ní 1984, ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń lo àtijọ́ nínú ayé òde òní. Ohun tí ó fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn ènìyàn a máa sọ ìtàn àtijọ́ ní ọ̀nà tí yóò ti ohun tí wọ́n ń wá lónìí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń hùwà lónìí ní ọ̀nà tí yóò bá ìtàn àtijọ́ mu, nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́. Nítorí náà, bí a bá rí i pé oyè kan ń ṣe bí ìtàn rẹ̀ ti wí, a kò tíì mọ èyí tí ó bí èkejì.

Bí ìtàn bá ń wo ẹni tí ó ń gbọ́ ọ, a jẹ́ pé ẹni tí ń bèèrè wà lára ohun tí a ó gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a rán ènìyàn mẹ́ta lọ sí agbo ilé kan ní Iléṣà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: ta ni ó kọ́kọ́ jẹ oyè yìí? Àkọ́kọ́ jẹ́ àna ilé náà. Èkejì jẹ́ olùkọ́ láti yunifásítì, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ obìnrin tí ó jókòó ti àwọn ìyàwó ilé níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Àna lè má gbọ́ ohun tí ó bu ilé kù, nítorí pé a kì í tú àṣírí ilé fún àna. Olùkọ́ lè gbọ́ ìtàn tí a ti tò dáadáa, irú èyí tí a máa ń kà níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba. Obìnrin náà lè gbọ́ oríkì tí àwọn ìyàwó ń kì, èyí tí orúkọ kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ọkùnrin kò dá. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé bí wọ́n bá ti jọ jẹun alẹ́ tí wọ́n sì jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́, ènìyàn kan ni wọ́n ti dà.

Àwọn awalẹ̀pìtàn náà ń ṣe irú rẹ̀. Wọ́n á fún ènìyàn méjì ní àpò àpáàdì kan náà, olúkúlùkù á yà wọ́n sí oríṣi oríṣi láìrí ti ẹnìkejì, wọ́n á sì wá wò ó. Bí ọ̀kan bá ka ọgbọ̀n àpáàdì olójú ṣùkù, tí èkejì ka méjìlá, a kì í pín in sí méjì. A óò tún gbé àpáàdì náà jáde, a óò wá èyí tí wọ́n yà sí lórí, a óò sì rí i bóyá ojú okùn tí a yí lára ìkòkò ni ọ̀kan nínú wọn ń pè ní ojú ṣùkù.

Èyí mú mi dé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé iṣẹ́ jù sílẹ̀: ibi tí ẹ̀rí ti ta kora. Ẹ wo ti ìṣirò orúkọ ọba. Ká ní agbo ilé kan ka ọba mẹ́wàá láti ìgbà ìtẹ̀dó títí di ogun Òṣogbo, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní nǹkan bí 1840. Bí a bá gbà pé ọba kọ̀ọ̀kan lo ọdún 12, ọdún 120 ni, a ó sì dé 1720. Bí a bá gbà pé ọdún 25 ni, 250 ni, a ó sì dé 1590. Ọdún 130 ni ó wà láàrin wọn, láti inú orúkọ mẹ́wàá kan náà! Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọba tí wọ́n pẹ́ díẹ̀ lórí oyè a máa di ẹni ìgbàgbé, àwọn méjì tí wọ́n jọ du oyè ní ìgbà kan náà sì lè di ẹni tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ìṣirò báyìí bá yà sí ohun tí ilẹ̀ wí, kì í ṣe pé kí a ju ọ̀kan dànù. Ìyàtọ̀ náà ń bi wá léèrè: ṣé orúkọ ti sọnù ni, tàbí àwọn mìíràn ti gbé ibẹ̀ kí ìdílé ọba yìí tó dé? Ìbéèrè kejì yìí ni ó sábà máa ń dun àwọn ènìyàn, òun sì ni ó yẹ kí a máà sá fún.

Àwọn adájọ́ ti bá ìṣòro yìí pàdé ṣáájú wa. Ní 1957, ẹjọ́ ilẹ̀ kan tí ó ti ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí wá, láàrin Kojo Kejì àti Bonsie, dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìhà méjèèjì mú ìtàn baba ńlá wọn wá, ìtàn méjèèjì sì ta kora. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ ni pé kí adájọ́ má ṣe fi ojú ẹlẹ́rìí mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́, nítorí pé olúkúlùkù lè fi òótọ́ inú gba ohun tí bàbá rẹ̀ sọ gbọ́, kí àṣìṣe sì ti wọlé ní ọ̀pọ̀ ìran sẹ́yìn. Kí ó fi ìtàn kọ̀ọ̀kan wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́, tí ẹ̀rí sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí ó wo èyí tí ó bá a mu jù. Àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀lé ìlànà yìí títí di òní. Ta ni ó ń dáko níbẹ̀ láti àádọ́ta ọdún? Ta ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, lọ́wọ́ ta ni? Òkú ta ni a sin síbẹ̀? Ìpele òkè nìyẹn, bí ó bá jẹ́ ti àwọn awalẹ̀pìtàn ni. Ohun tí ilé-ẹjọ́ kì í sábà bèèrè ni bóyá ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí wọ́n fohùnṣọ̀kan ti pàdé ní ilé lọ́yà kí wọ́n tó wá.

Ní ọ̀sẹ̀ ọdún yìí, àwọn àgbà yóò sọ ìtàn ní àgbàlá púpọ̀, àwọn ọmọ wa yóò sì máa fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́rin mọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan: agbo ilé wo ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti wá, lẹ́nu ta ni òun náà ti gbọ́ ọ, ta ni ó wà níjòókòó nígbà tí ó ń sọ ọ́, àti bóyá ó ti rí i nínú ìwé tàbí gbọ́ ọ lórí rédíò rí. Kí wọ́n má ṣe tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì fi ẹ̀ka èdè rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà. Bí àgbà méjì bá ta kora, kí wọ́n tọ́jú ohùn méjèèjì pamọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ agbo ilé tirẹ̀.